Bátìrì Tí Kì Í Yó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ta ìpápánu. Mo ra sólà kékeré, èyí tó ní gílóòbù mẹ́ta àti ihò tí a fi ń ṣáàjì fóònù. Bátìrì kẹta rèé láàárín ọdún kan ààbọ̀. Tí mo bá ra tuntun, á dára fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kú, títí tí kò fi ní lè gbé iná dé aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ayédèrú ló kún inú ọjà, pé kí n fi owó kún owó kí n ra ojúlówó. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra bátìrì kankan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá kan fún yín, ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo ọjà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níbí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti tiyín jọra débi pé nígbà tí mo ka ìbéèrè yín, mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ rẹ̀ ló tún bá a kọ ọ́.

Ìyá yìí kì í palẹ̀ ọjà mọ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló ń rà á jù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ra èlùbọ́ gbọ́dọ̀ rí àwọ̀ rẹ̀ kedere. Lábẹ́ àbẹ́là, èlùbọ́ tó mọ́ àti èyí tó dúdú, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìdí tó fi lọ ra sólà nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí kan: páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ 20W sí lẹ́yìn, bátìrì dúdú onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ 12V 7Ah sí lára, kọntirólà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àti gílóòbù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wáàtì 3. Kò wọ́n rárá. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí ìjà kankan láàárín òun àti sólà yẹn. Ó ń tan gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti aago mẹ́fà títí di aago mẹ́sàn-án, ó ń pa á, ó ń lọ sílé.

Nígbà tí ooru mú, ó ra fáànù orí tábìlì, irú èyí tó ń lo iná bátìrì, wáàtì 12. Ó so ó mọ́ kọntirólà. Ní alẹ́ kejì, iná kú lójijì, gílóòbù àti fáànù lápapọ̀. Ó pe ọmọkùnrin rẹwáyà kan tó wà lẹ́bàá títì. Ọmọ náà wò ó, ó ní kọntirólà yìí ni kò lágbára, ó gé wáyà fáànù kúrò níbẹ̀, ó so ó mọ́ orí bátìrì tààrà. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ yẹ̀ẹ̀. Inú ìyá dùn, ó fún un lówó ọtí. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn ará ìsọ̀ tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá ṣáàjì, wọ́n ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún un. Ó ṣírò owó yẹn mọ́ èrè ọjà.

Ìgbà yẹn ni bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́sàn-án lápapọ̀. Èkejì lo oṣù márùn-ún. Ẹ̀kẹta kò pé oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, gbogbo òkú bátìrì mẹ́ta wà lábẹ́ tábìlì. Kò tíì tà wọ́n fún àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra bátìrì tó ti bàjẹ́, torí ó ní òun máa kó wọn padà lọ bá ẹni tó tà wọ́n fún òun, kí àwọn jọ wo ojú ara àwọn. Mo dúpẹ́ pé kò tà wọ́n, torí àwọn ni ẹlẹ́rìí mi.

Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bí wọ́n ṣe sọ fún ẹ̀yin náà. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò." Ẹni tó ń ta ẹja yìnyín wà ní ìsọ̀ kẹta sí tirẹ̀. A yá òṣùwọ̀n rẹ̀, a nù ún, a gbé bátìrì kọ̀ọ̀kan lé e. Èkínní jẹ́ kílò 2.2. Èkejì jẹ́ kílò 2.1. Ẹ̀kẹta jẹ́ kílò 1.5 péré, bẹ́ẹ̀ bó ṣe tóbi tó lójú àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ohun tó ń jẹ́ kí ìwọ̀n ṣe pàtàkì ni pé òjé ló wà nínú bátìrì yìí, òjé sì wúwo. Bí òjé inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó lè gbà pa mọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Bátìrì 12V 7Ah tí òjé inú rẹ̀ pé máa ń wà láàárín kílò 2 sí 2.5. Èyí tó bá fúyẹ́ tó kílò kan ààbọ̀, ẹni tó ṣe é ti dín òjé kù. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìyá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti ìdí kọ́ngò bọnú!" Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra gàrí lọ́jà mọ ohun tó ń sọ. Kọ́ngò náà dà bíi kọ́ngò lójú, àmọ́ wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú, kò lè gba iye tó yẹ kó gbà.

Torí náà, ẹni tó ń bá yín tún un ṣe kò parọ́ tán. Ayédèrú wà, òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja sì lè fi hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo bátìrì kìíní àti èkejì. Òjé wọn pé. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ìyá jẹ lórí méjèèjì yẹn, síbẹ̀ wọ́n kú. Ká ní ó ti fi owó ìlọ́po méjì ra ojúlówó jù lọ nínú ọjà, òun náà ì bá kú. Mo ní kó gbé ẹjọ́ ẹ̀kẹta lọ bá ẹni tó tà á, kó fi èkínní àti èkejì sílẹ̀ fún èmi.

Mo padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó yọ. Ó ti yá bátìrì kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí sólà náà, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe sùn. Míta kékeré ni mo fi wọ̀n ọ́n, èyí tí kò wọ́n, tí gbogbo rẹwáyà máa ń ní. Bátìrì òjé tó bá yó, tí ẹ kò so nǹkan kan mọ́, tó sì ti sinmi, máa ń fi fólítì 12.7 tàbí 12.8 hàn. Tó bá ku ìdajì, á fi nǹkan bíi 12.2 hàn. Tó bá ti wà ní 11.8 wá sílẹ̀, ó ti ṣófo. Ti ìyá fi 11.3 hàn. Mo tan fáànù. Nọ́ńbà náà já wálẹ̀ wàrà, ó di 9.6. Mo pa fáànù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà díẹ̀díẹ̀, 10.9, 11.1, 11.2.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn. Bátìrì tí ẹ ti fà gbẹ lálẹ́ máa gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè padà fúnra rẹ̀ tí ẹ bá pa gbogbo nǹkan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáàjì rẹ̀. Ẹni tó bá wá wọ̀n ọ́n láàárọ̀ á ní, "Ó ṣì ní nǹkan díẹ̀ nínú." Kò ní nǹkan kan nínú.

Mo wá tọ wáyà fáànù dé orí bátìrì, mo sì bèèrè ẹni tó so ó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ọmọ rẹwáyà. Kọntirólà tó pè ní aláìlágbára yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Nígbà tí fólítì bátìrì bá ti wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n là kalẹ̀ fún un, nǹkan bíi 10.8 tàbí 11 nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, á gé iná kí ẹnikẹ́ni má bàa fa bátìrì gbẹ. Olùṣọ́ ni. Ẹni tó so fáànù mọ́ bátìrì tààrà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, olùṣọ́ kò rí i. Láti ọjọ́ yẹn, gílóòbù lè kú ní aago mẹ́jọ, fáànù ò ní dúró. Á máa fẹ́ lọ títí tí kò fi ní sí agbára kankan tí yóò fi yí.

Èmi kò ní bú ọmọ náà. Wọ́n ní kó mú kí fáànù ṣiṣẹ́, ó mú kó ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí mo bá ka sólà kékeré mẹ́wàá tí mo ti tún ṣe ní ọjà, mo máa ń bá wáyà tó gba ẹ̀yìnkùlé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò lára tiyín.

Lẹ́yìn náà la jókòó ṣírò. Mo mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe wáàtì fún un, oorun ló máa kùn ún, torí náà mo ní ká fi èlùbọ́ ṣe é: bátìrì ni àpò, iná ni èlùbọ́ inú rẹ̀. Ẹ ka wáàtì tí nǹkan ń lò, kí ẹ fi iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Gílóòbù mẹ́ta, wáàtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta: 27. Fáànù, wáàtì 12, wákàtí mẹ́ta: 36. Fóònù méjì lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 20 tí ẹ bá ṣáàjì rẹ̀ yó: 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 103. Èyí ni ohun tó fẹ́ máa bù jáde lójoojúmọ́. Bátìrì náà fúnra rẹ̀, tó bá jẹ́ tuntun tó sì yó kẹ́kẹ́, ohun tó lè gbà kò ju 12 lọ́nà 7 lọ, ìyẹn 84. Ó ń bù ju àpò lọ.

Kí ló wá ń wọlé? Mo dúró di ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn wà lórí gan-an tí òjò kò sì ṣú, mo tú páńẹ́ẹ̀lì kúrò lára kọntirólà, mo fi míta wọn iná tó ń jáde láti ara rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó bá jẹ́ wáàtì 20 ní tòótọ́ yẹ kó fi ohun tó ju áńpíà 1 lọ hàn. Tirẹ̀ fi 0.6 hàn. Wáàtì 11 ni, bóyá kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fi téèpù aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 35 ní gígùn, 25 ní fífẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 20 tí wọn kò fi irọ́ kọ́ máa ń sún mọ́ 50 ní gígùn, 35 ní fífẹ̀. Kò sí bí ẹni tó ṣe é ṣe lè rí wáàtì 20 fà jáde nínú èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta á mọ̀ pé òǹkà tó wà lẹ́yìn la máa ń kà, a kì í wo bó ṣe fẹ̀ tó.

Oòrùn kì í sì í fi gbogbo agbára ràn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá kó gbogbo ohun tó ràn lójúmọ́ kan n'Ìbàdàn jọ, ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tó rí bí ọ̀sán gangan, ó lè lé díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń dín kù ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń dúdú. Wáàtì 11 fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 44. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, torí ooru, eruku àti wáyà náà máa ń jẹ tiwọn. (Eruku èlùbọ́ wà lórí páńẹ́ẹ̀lì yẹn tó ohun tí ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí.) Ó ku 33.

Mo ní, "Màmá, tí ẹ bá ń bu kọ́ngò mẹ́ta nínú àpò lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń da kọ́ngò kan ṣoṣo padà sínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn àpò? Kò ní rí ọjọ́ kẹta."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí. Bátìrì tuntun máa ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ pẹ̀lú iná nínú. Iná yẹn ló ń lò ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, tó fi ń rò pé èyí ti dára. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí oòrùn bá dà sínú rẹ̀ lọ́sàn-án nìkan ló ń rí lò lálẹ́. Nígbà tí bátìrì kò bá gbé iná dé aago mẹ́jọ mọ́, ó lè jẹ́ pé kò tíì kú rárá, ebi ló ń pa á.

Ṣùgbọ́n ìyá náà ò gọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí ẹ̀yin náà á fẹ́ bèèrè báyìí. Ó ní, "Àpò mi kì í bàjẹ́ tó bá ṣófo o. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n ni, mo tún rọ èlùbọ́ mìíràn sí i. Kí ló dé tí bátìrì fi ń bàjẹ́ ní tiẹ̀?"

Ó jẹ́ kí n ronú díẹ̀. Mo wá bi í bóyá ó ti fi ìkòkò àmàlà sílẹ̀ láìfọ̀ rí.

Inú bátìrì yìí, àwo òjé ló tò sínú omi ásíìdì. Nígbà tí ẹ bá ń fa iná lò, ohun funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwo òjé náà. Kò burú, bí bátìrì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Tí oòrùn bá yọ tó sì ṣáàjì rẹ̀ dáadáa, ohun funfun yẹn á tún yọ́ padà sínú omi. Bí ìgbà tí ẹ ro àmàlà tán tí ẹ da omi sínú ìkòkò lójú ẹsẹ̀ ni, fífọ̀ rẹ̀ kò ní le. Àmọ́ tí ẹ bá fi ìkòkò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ á gbẹ, á le, ọ̀bẹ lẹ máa fi ha á. Ohun funfun ara òjé náà rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì tó ń sùn lófìfo lálaalẹ́, tí kì í sì í yó tán lọ́sàn-án, kò sígbà tí gbogbo rẹ̀ ń yọ́ kúrò. Díẹ̀ ń ṣẹ́kù lónìí, díẹ̀ lọ́la, ó ń le. Ibi tó bá sì ti le mọ́, òjé ibẹ̀ kò lè gba iná mọ́. Àpò náà ń kéré sí i láti inú. Ní oṣù kẹta, àpò 84 lè ti di àpò 40, ní oṣù kẹrin, 20.

Kì í ṣe àrùn tuntun. Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe bátìrì òjé àkọ́kọ́, àléébù yìí sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ń ṣe irú bátìrì kékeré yìí tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ìwé tí kì í tẹ̀ lé e dé ọjà wa. Tí ẹ bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, ìgbà 200 sí 250 ló máa ṣe é. Tó bá jẹ́ ìdajì lẹ ń fà, ó lè tó 400 sí 500. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó lè lé ní 1,000. Ìgbà 200 kò pé oṣù méje. Wọ́n sì kọ ìyẹn fún ẹni tó ń ṣáàjì rẹ̀ yó láàárín, nínú yàrá tó tutù. Ti ìyá kì í yó, orí pẹpẹ tó sún mọ́ páànù ló sì gbé e sí, níbi tí ooru ọ̀sán ti ń sè é. Ooru tó bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ìwọ̀n 25 lọ máa ń gé ẹ̀mí bátìrì òjé sí ìdajì. Oṣù márùn-ún tí èkejì lò kò tún yani lẹ́nu mọ́.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. Mo gé wáyà ẹ̀yìnkùlé, mo dá fáànù padà sábẹ́ kọntirólà. Mo gbé bátìrì wá sílẹ̀, sórí pákó, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá. A ra páńẹ́ẹ̀lì kan sí i, wáàtì 20 tòótọ́, a wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó, mo so ó pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, rere mọ́ rere, òdì mọ́ òdì. Àwọn méjèèjì jẹ́ wáàtì 31. Ohun tó ń wọlé wá kúrò ní 33, ó súnmọ́ 93. N kò jẹ́ kó ra èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bátìrì kékeré bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí iná tó ń wọ inú rẹ̀ ju nǹkan bí áńpíà 2 lọ. Ẹni tó bá gbé páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 lé e lórí, sísè ló ń sè é.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ni ti fóònù àti fáànù. Mo ní kó máa gba fóònù àwọn èèyàn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán nìkan, torí ìgbà yẹn, ojú oòrùn ni iná fóònù ti ń wá, kì í ṣe inú bátìrì. Fáànù náà, ọ̀sán ni, wákàtí méjì péré. Alẹ́, gílóòbù nìkan. Gílóòbù ń lò 27 nínú 84, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kò kọ́kọ́ gbà. Owó fóònù alẹ́ ló pọ̀ jù, ó ní. A wá ṣírò owó fóònù alẹ́ oṣù mẹ́rin, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì kan. Owó bátìrì tóbi jù ú lọ. Ó wo òǹkà náà títí, ó ní, "Àṣé mo ń fi owó mi bá wọn ṣáàjì fóònù."

Ó wá ku tiyín. Ẹ kọ́kọ́ tọ gbogbo wáyà tó ti ara bátìrì jáde. Méjì péré ló yẹ kó wà níbẹ̀, rere àti òdì, kí àwọn méjèèjì sì lọ tààrà sínú kọntirólà. Tí ẹ bá rí ẹ̀kẹta, ẹ ti rí olè. Lẹ́yìn náà, ẹ yá míta, kí ẹ wọn bátìrì ní àárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní pípa. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń ṣáàjì rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa, ó yẹ kó gòkè dé nǹkan bíi 14 tàbí 14.4 kí ọ̀sán tó tán. Tí kò bá kọjá 13 rí, tí nọ́ńbà àárọ̀ sì wà nísàlẹ̀ 12, páńẹ́ẹ̀lì yín kò lè bọ́ ohun tí ẹ ń lò. Bátìrì mìíràn kò lè wo ìyẹn sàn. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: tó bá ń tètè sáré dé 14.4 ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó sì tún kú kíákíá lálẹ́, àpò inú rẹ̀ ló ti kéré, bátìrì yẹn ti lọ.

Tó bá jẹ́ pé ebi nìkan ni, ẹ gbìyànjú èyí kí ẹ tó náwó: fún ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn ń ràn, ẹ má fi ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó máa jẹun. Bátìrì tí kò tíì pẹ́ lófìfo lè jí padà gan-an. Èyí tó ti sùn lófìfo fún oṣù púpọ̀ kò ní jí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i láti da omi tàbí ásíìdì sínú rẹ̀, torí irú èyí tí wọ́n dé pa kò gba ìyẹn. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ohun tó ń jò lára rẹ̀. Májèlé ni òjé. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù á rà á.

Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra èyí tó wọ́n. Tí bátìrì olówó ńlá tí wọ́n ń sọ fún yín bá jẹ́ òjé náà, rárá, ẹ fi owó yẹn ra páńẹ́ẹ̀lì kún páńẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, irú tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ díẹ̀. Àìyó kì í pa á bó ṣe ń pa òjé, ẹ sì lè fa ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lálaalẹ́ fún ọdún mélòó kan. Àmọ́ kọntirólà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣáàjì rẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tó ń wá nínú páálí olówó pọ́ọ́kú kò sì mọ̀ ọ́n. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan náà lórí páńẹ́ẹ̀lì tó kéré, kò ní tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n iná á ṣì máa kú ní aago mẹ́jọ.

Bátìrì tí Ìyá Elélùbọ́ rà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kílò 2.3 lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja, ti lé lóṣù mẹ́rìnlá báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀: 12.5. Ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú fóònù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun fi síná. Ìyá kò tiẹ̀ gbójú sókè láti ibi tó ti ń wọn èlùbọ́. Ó ní, "Ó di ọ̀la."